Bulọ́ọ̀kù mélòó ló ń mọ ọgbà hááfù púlọ́ọ̀tì? Ẹ mú téèpù dání kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀gbọ́n mi kan ra hááfù púlọ́ọ̀tì lágbègbè Mọ́níyà, níjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Ẹsẹ̀ bàtà 50 ni òòró ilẹ̀ náà, 50 náà ni ìbú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má baà tún un tà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n mọ ọgbà yí i ká. Bíríkìlà sọ fún un pé bulọ́ọ̀kù síìsì ínṣì 1,000 yóò tó o. Wọ́n já 1,000 sílẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló kà á. Ṣùgbọ́n ìlà kẹjọ kò tíì parí tí bulọ́ọ̀kù fi tán, ọgbà ọ̀hún ò sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àtààbọ̀. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n pe bíríkìlà lólè.

Bíríkìlà ò jalè. Ìṣirò rẹ̀ péye, bulọ́ọ̀kù ni kò péye.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, oríṣi bulọ́ọ̀kù méjì la sáábà ń rà níbí, láti Àkànrán títí dé Lálúpọn: náìnì ínṣì àti síìsì ínṣì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé náìnì ínṣì tóbi ju èkejì lọ lójú ògiri, pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ínṣì 18 ni gígùn àwọn méjèèjì, ínṣì 9 ni gíga wọn. Bí wọ́n ṣe nípọn tó nìkan ló yàtọ̀, ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Nítorí náà, iye kan náà ni wọ́n máa gbà fún ògiri kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò bíríkìlà yẹn. Ọgbà náà yí ká ní ẹsẹ̀ bàtà 200. Ẹ yọ 12 kúrò fún géètì, ó ku 188, ìyẹn ínṣì 2,256. Sìmẹ́ǹtì àti yanrìn tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ máa ń nípọn tó ínṣì kan, torí náà bulọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan gba ínṣì 19 ní gígùn, ó sì gba 10 ní gíga. Ẹ fi 19 pín 2,256, ẹ máa rí bulọ́ọ̀kù 119 fún ìlà kan. Ìlà mẹ́jọ máa ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínṣì mẹ́jọ. Ìlà mẹ́jọ lọ́nà 119 jẹ́ 952. Ó fi 48 lé e nítorí èyí tó máa fọ́, ó di 1,000.

Èyí tí wọ́n já sílẹ̀ ńkọ́? Nígbà tá a fi téèpù wọ̀n ọ́n, ínṣì 17 ni gígùn rẹ̀, 8 ni gíga rẹ̀. Ínṣì kan péré, àbí? Ṣùgbọ́n ìlà kan ti di 126, kí ọgbà sì tó dé gíga yẹn, ìlà mẹ́sàn-án ló máa gbà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,134, a ò tíì ka èyí tó máa fọ́. 182 ló fi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹni tó ń tà á ní tòun ò wọ́n. Ká kàn fi ṣe àpẹẹrẹ pé ₦600 ni ojúlówó, ₦550 sì ni kékeré yìí. Ojúlówó 952 jẹ́ ₦571,200. Kékeré 1,134 jẹ́ ₦623,700. Ẹni tó lọ ra èyí tí kò wọ́n ti pàdánù ₦52,500, kò sì tíì san owó iṣẹ́ ìlà kan tó lé.

Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n, nítorí ínṣì kan kì í hàn lójú. Ẹ ní kí wọ́n to mẹ́wàá sílẹ̀ lórí ìlà kan, kí orí èkejì kan ìdí èkíní, láìsí àlàfo. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 15. Tó bá jẹ́ oní-ínṣì 17, ẹsẹ̀ bàtà 14 àti ínṣì méjì lẹ máa bá. Ẹ tún wọn gíga rẹ̀ lọ́tọ̀, torí móòdù míì wà tí gígùn rẹ̀ péye àmọ́ tí gíga rẹ̀ dín. Àwọn bíríkìlà kan máa ń fi sìmẹ́ǹtì tó nípọn bí ínṣì méjì bo àìpé yìí. Bulọ́ọ̀kù á tó lóòótọ́, sìmẹ́ǹtì ni yóò máa tán bí omi, àárín ìlà náà sì ni ògiri ti máa ń kọ́kọ́ sán.

Tó bá jẹ́ ilé lẹ fẹ́ kọ́, ọ̀nà kan náà ni. Ẹ yọ bulọ́ọ̀kù 16 fún ojú ilẹ̀kùn kan tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, tó sì ga ní méje. Fún ìpìlẹ̀ ọgbà, ẹ má yọ géètì o, nítorí wọ́n máa ń mọ ọ́n gba abẹ́ ibẹ̀ kọjá. Ìlà kan lábẹ́ ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi gba 127, ìlà méjì jẹ́ 254, náìnì ínṣì sì ni wọ́n lò níbẹ̀.