Ọgbọ́n Ìrántí fún Ọ̀rọ̀ Àsopọ̀ àti Ọ̀rọ̀-Ìṣe Olóríkunkun Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ àsopọ̀ méje ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń so gbólóhùn méjì pọ̀ tí ọ̀kan kò fi ní di ìsọ̀ǹgbè èkejì: for, and, nor, but, or, yet àti so. Bí a bá tò wọ́n báyìí, lẹ́tà àkọ́kọ́ wọn á di FANBOYS, ohun tí àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì fi ń jẹ́ kí ọmọ ilé-ìwé rántí wọn. Kò sí ìdí mìíràn fún ìtò náà ju pé ó ṣeé pè lọ. For ló ṣíwájú, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kì í fi í so gbólóhùn lẹ́nu mọ́, inú ìwé ni ó fi ṣe ilé.

Iṣẹ́ FANBOYS ju kíka orúkọ lọ. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ gan-an ni ó wúlò jù. However, therefore àti then kò sí níbẹ̀, nítorí náà wọn kò lè so gbólóhùn méjì pọ̀ pẹ̀lú kọ́mà lásán. Ẹni tó kọ “Ade was ill, however he went to work” ti ṣe àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú àròkọ. Ó lè fi but rọ́pò however, ó sì lè fi àmì ìdánudúró parí gbólóhùn kìn-ín-ní kí ó tó bẹ̀rẹ̀ èkejì.

Because àti although náà kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí tiwọn yàtọ̀. Àwọn wọ̀nyí máa ń sọ awẹ́ gbólóhùn tí wọ́n bá ṣíwájú di ìsọ̀ǹgbè. Ọ̀nà kan wà tí a fi lè dá wọn mọ̀: kí a gbé awẹ́ náà lọ síwájú. “Because it rained, we stayed at home” kò ní wàhálà kankan. “But we stayed at home, it rained” kò lè dúró bí ẹni tó sọ ọ́ bá fẹ́ pa ìtumọ̀ “It rained, but we stayed at home” mọ́. Ọ̀rọ̀ inú FANBOYS kì í gbé awẹ́ tirẹ̀ sáré lọ síwájú; àárín ni ipò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kọ́mà náà rọrùn bí a bá wo olùwà. Nínú “Bola cooked, and Sade ate”, olùwà méjì ló wà, ìyẹn ni pé gbólóhùn odindi méjì ló wà, kọ́mà sì ṣíwájú and. Nínú “Bola cooked and ate”, Bọ́lá nìkan ni olùwà, kọ́mà kò sì nílò. FANBOYS kò sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́. Kò sì sọ fún un pé nor máa ń yí ìtò ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e padà, bíi “He did not come, nor did he write”. Ẹni tó bá kọ “nor he wrote” rántí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ṣe ń lò ó.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń kọ́ Faransé, irú àwọn Yorùbá ní Benin àti Togo, ní tiwọn: “Mais où est donc Ornicar ?” Kò sí ẹni tó ń jẹ́ Ornicar. Or, ni àti car ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ di orúkọ ènìyàn, tí mais, ou, et àti donc sì ṣíwájú wọn. Ìbéèrè náà dùn ún sọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n etí ni ó ń tọ́jú, kì í ṣe ojú. Où àti est ló wà nínú ìbéèrè náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ àsopọ̀ jẹ́ ou àti et. Ọmọ tó bá dà á kọ bí ó ṣe rí lórí pátákó yóò kọ àmì ohùn sí ibi tí kò yẹ.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ló le jù fún Yorùbá, torí tiwa kì í pa àwọ̀ dà: lọ ni lọ lánàá, lọ ni lọ lọ́la, àwọn wúnrẹ̀n bíi ti, ń àti yóò ló ń sọ ìgbà. Gẹ̀ẹ́sì a máa yí inú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ padà. Ẹgbẹ́ tó ń da àwọn ènìyàn láàmú jù ni èyí tí fáwẹ́lì rẹ̀ ń ti orí i bọ́ sí a, kí ó tó dé u: sing, sang, sung, drink, drank, drunk, begin, began, begun, swim, swam, swum.

Fún ẹgbẹ́ yìí, àwọn fáwẹ́lì Yorùbá fúnra wọn lè ṣe ìránnilétí. I jẹ́ ti ìsinsìnyí, a jẹ́ ti àná. Ní ti u, kò sí ọ̀rọ̀ tó fi í bẹ̀rẹ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, bí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tilẹ̀ ní i. Bí u kò ṣe lè ṣíwájú nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni sung àti drunk kò lè dá ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe: have, has, had tàbí ọ̀kan lára ìdílé be gbọ́dọ̀ ṣíwájú wọn. “I sang yesterday”, ṣùgbọ́n “I have sung”.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tó jọ sing ló wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Lára àwọn tó parí sí -ing, sing, ring àti spring ni kí a há sórí. Cling, fling, sting, swing àti wring kò ní a rárá. U ni wọ́n ń lò fún àná, u náà ni lẹ́yìn have: swung, swung. Bring tilẹ̀ ti sá lọ sí ibòmíràn, ó di brought, gẹ́gẹ́ bí think ṣe di thought.

Ilé tí bring sá lọ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àwọn kan ń kọ -ought, àwọn mìíràn -aught, ohùn kan náà sì ni wọ́n ní. Kí a wo ọ̀rọ̀ náà kí ó tó yí padà. Bí a bá wà nínú rẹ̀, a ni yóò jáde: catch, caught, teach, taught. Bí kò bá sí, o ni: bring, brought, buy, bought, fight, fought, seek, sought, think, thought.

Àwọn tí kì í yí padà rárá, bíi cut, put, hit, shut, cost, hurt àti spread, ń parí sí t tàbí d. Ẹni tó bá gbàgbé èyí ló ń kọ “cutted”. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tó parí bẹ́ẹ̀ ni í dúró sójú kan: sit di sat, want sì di wanted.

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn akẹ́kọ̀ọ́ kan: “The choir has sang, the bell has rang, however the priest begun late.” Has wà níwájú sang àti rang, nítorí náà a kò tọ́, u ni ó yẹ. Begun kò ní olùrànlọ́wọ́ kankan níwájú, ọ̀rọ̀ àná sì ni, a ni ó yẹ. However kò sí nínú FANBOYS, but yóò gba ipò rẹ̀. Awẹ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kò sì sí ohun tó so méjì àkọ́kọ́ pọ̀ àfi kọ́mà, and ni yóò wọlé síbẹ̀: “The choir has sung, and the bell has rung, but the priest began late.”