Owó Tó Wà Nínú Ohùn Alága

Ẹni tí Ọlọ́run fún ní ohùn dídùn, tí kò ní ẹgbẹ́ olórin, tí kò sì tíì gbé àwo kankan jáde, lè fi ohùn náà jẹun lọ́nà kan tí àwọn èèyàn kì í sábà kà mọ́ iṣẹ́ orin. Iṣẹ́ alága níbi ìdána ni mo ń sọ. Èèyàn méjì ló máa ń ṣe é. Alága ìjókòó ń ṣojú ilé ìyàwó, òun ló ń gba àlejò. Alága ìdúró ń ṣojú ilé ọkọ, òun ló ń kó àwọn ẹbí ọkọ wọlé wá tọrọ ọmọ. Obìnrin ló pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ àsálátù wá. Ìbàdàn ni o, Lọ́ńdọ̀nù ni o, ibi tí Yorùbá bá ti ń fọmọ fọ́kọ, wọ́n ń wá wọn.

Ẹni tó ń wò ó lókèèrè lè rò pé ọ̀rọ̀ dídùn àti àwàdà ni gbogbo iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n orin ló gbé e dúró. Ẹbí ọkọ kì í rìn wọlé, wọ́n ń jó wọlé ni. Tí wọ́n bá kúnlẹ̀, alága a dá orin ẹ̀bẹ̀. Tí ọkọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tí àbúrò ìyàwó bá ka lẹ́tà ìtọrọ tán, tí ìyàwó bá ń bọ̀ pẹ̀lú ìbòjú, tó sì lọ mú Bíbélì tàbí Kùránì tí wọ́n so òrùka mọ́ láàárín ẹrù ìdána, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní orin tí í gbé e. Orin tí gbogbo ilé mọ̀ ni alága máa ń lò, torí ẹni tó bá dá orin tí òun nìkan mọ̀ ló máa dá a gbè. Ó gbọ́dọ̀ ní ti onígbàgbọ́, ti mùsùlùmí àti ti ìbílẹ̀ lẹ́nu, nítorí ilé tí bàbá ti ń kírun, tí ìyá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pọ̀ nílẹ̀ wa. Ohun tó tún ṣòro jùyẹn lọ ni kó mọ ìgbà tí yóò gé orin. Orin tó pẹ́ jù máa ń mú kí àwọn tó kúnlẹ̀ máa wo ara wọn lójú.

Àmọ́ ohun tó ń mú owó jáde lápò àwọn èèyàn ni orúkọ wọn. Mo wà níbi ìdána kan ní Abẹ́òkúta tí alága kan, olóhùn iyọ̀, ti gbé orin fún bàbá ìyàwó, tó ń kí i, tó sì ní kó dìde jó fún ọmọ rẹ̀. Àbúrò bàbá ló jókòó sí àyè yẹn. Bàbá fúnra rẹ̀ ti kú. Ọkùnrin náà kò dìde, ìyàwó tó wà nínú yàrá gbọ́ ọ lórí spíkà, ó bú sẹ́kún, agbo náà sì tutù títí wọ́n fi túká. Kò sẹ́ni tó tún rántí ohùn iyọ̀ mọ́.

Ìdí nìyẹn tí alága tó mọṣẹ́ fi máa ń gbé ìwé àti bírò lọ sọ́dọ̀ ẹbí kí ọjọ́ tó pé. Ta ni yóò jókòó sí àyè bàbá? Ṣé bàbá àti ìyá ṣì jọ wà? Ìyá mélòó ló wà nílé, èwo sì ni àgbà? Ìlú wo ni wọ́n ti wá, oríkì orílẹ̀ wo ni wọ́n ń jẹ́? Ọmọ Òpómúléró kò fẹ́ gbọ́ oríkì Oníkòyí. Onílù náà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn, nítorí gángan ni yóò máa pe àwọn èèyàn náà bí alága bá ń mí. Tí onígángan bá pe orúkọ àgbàlagbà kan tó jókòó jẹ́jẹ́ lẹ́yìn, tó fi ilé bàbá rẹ̀ kún un, onítọ̀hún á dìde. Ohùn nìkan kò lè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílẹ̀.

Ohùn náà ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ìdána lè gba wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àárọ̀ ni wọ́n sì máa ń ṣe é, nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun kò tíì là dáadáa. Alága tó bá bẹ̀rẹ̀ lókè nítorí pé inú rẹ̀ ń dùn, ohùn rẹ̀ á ti há kí ìyàwó tó jáde, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n sì fẹ́ ẹ jù. Kó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, kó jẹ́ kí àwọn èèyàn gbe orin, kí òun máa dá a nìkan, kó sì fi ohùn òkè pamọ́ de ìjáde ìyàwó. Bí òtútù bá mú un, kó má ṣe pariwo bo jẹnẹrétọ̀. Kó tètè sọ fún oníkíbọọ̀dù. Bọ́tìnnì kan wà lára ọ̀pọ̀ kíbọọ̀dù tí wọ́n kọ TRANSPOSE sí. Bí oníkíbọọ̀dù bá tẹ̀ ẹ́ títí tí -2 fi hàn, gbogbo orin á sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa tẹ ibi tó ti mọ́ ọn lára. Kó kàn rántí dá a padà sí 0 kó tó lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Onílù náà ní tirẹ̀: ọ̀rinrin máa ń dẹ awọ gángan, torí náà bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ó yẹ kó ti yá ìlù sóòrùn tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kí àlejò tó dé.

Ẹ jẹ́ ká wá ka owó. Iye tí wọ́n ń gbà yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú àti láti alága sí alága, ṣùgbọ́n ká ní alága ìjókòó kan gba iṣẹ́ ní 150,000 náírà. Ó gba ìdajì, 75,000, lọ́jọ́ tí wọ́n fẹnu kò, torí ọjọ́ tó bá ti kọ sílẹ̀ fún ẹnì kan, kò lè gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́. Ìdajì tó kù, ó ní kó wọlé kí òun tó di máíkì mú. Ọgbọ́n wà níbẹ̀: bí ayẹyẹ bá ti parí, ìyá ìyàwó ti wà lẹ́nu oúnjẹ, bàbá ti ń sin àlejò, kò sẹ́ni tó máa dá alága lóhùn. Nínú owó yìí, oníkíbọọ̀dù gba 30,000, onígángan gba 25,000, ọkọ̀ jẹ 20,000, ojú kíkùn àti gèlè jẹ 15,000, ọmọ iṣẹ́ tó ń bá a kó ẹrù gba 10,000. Ó di 100,000. Alága ku 50,000, kò sì tíì ka ìrìn tó rìn lọ bá ẹbí.

Owó agbo ló kàn, ibẹ̀ sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Oríṣi méjì ló máa ń já sínú abọ́ kan náà. Àkọ́kọ́ ni owó ẹbí: owó bàbá-gbọ́, ìyá-gbọ́, owó ìyàwó ilé, owó ọmọ ilé, ti ọmọ tó ka lẹ́tà. Ìkejì ni owó tí àwọn èèyàn fi mọrírì alága àti onílù. Bí alága bá da gbogbo rẹ̀ sínú báàgì kan, tó gbé báàgì lọ, kódà bí kò bá mú kọ́bọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, àwọn ìyàwó ilé á ní ó jí owó àwọn. Abọ́ méjì ló yẹ kó gbé kalẹ̀, kí ẹnì kan láti inú ilé sì jókòó ti abọ́ ẹbí. Ká ní 96,000 wọlé lọ́jọ́ náà, tí 40,000 jẹ́ ti ẹbí. Wọ́n kà á lójú àgbà ìyàwó ilé, ó gbà á. 56,000 tó kù, wọ́n ti fẹnu kò sí i tẹ́lẹ̀: alága mú ìdajì, 28,000, onílù àti oníkíbọọ̀dù mú 14,000 kọ̀ọ̀kan. Alága darí sílé pẹ̀lú 78,000. Ohun tí mo fẹ́ kí olùkàwé rí ni pé ká ní abọ́ náà ṣófo, 50,000 rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Alága tó bá gba iṣẹ́ ní 60,000 torí ó gbọ́kàn lé agbo, á san owó onílù lápò ara rẹ̀ lọ́jọ́ tí agbo bá gbẹ.

Agbo sì lè gbẹ nísinsìnyí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí òfin. Abala 21 nínú òfin báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti ọdún 2007 ka fífọ́n náírà síni lórí àti jíjó lórí rẹ̀ níbi ayẹyẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ kò dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí ìtanràn 50,000 náírà, ó sì lè jẹ́ méjèèjì. Fún ọdún púpọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn kò kà á sí, ṣùgbọ́n ní oṣù Ẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán gbajúmọ̀ kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí wọn kò fún un láǹfààní àtisan owó dípò rẹ̀. Alága tó bá ń kígbe pé kí wọ́n máa fọ́n ọn ń pe àlejò sínú ẹjọ́. Abọ́ tàbí àpò ìwé ni kó gbé fún wọn, kí owó má baà bọ́ sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́. Àwọn mìíràn ti kọ nọ́ńbà àkáǹtì wọn sára káàdì kékeré kan tí ọmọ iṣẹ́ ń gbé káàkiri.

Yàtọ̀ sí òfin, ara ti ń kan àwọn ẹbí. Tí owó ìkanlẹ̀kùn bá ti di ẹ̀ẹ̀mẹta, tí alága ní kí ọkọ tún san owó kó tó ṣí ìbòjú, ẹ wo ojú ìyá ọkọ. Tí kò bá rẹ́rìn-ín mọ́, tí àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ bá ti ń wo fóònù wọn, ó ti pọ̀ jù, kí alága tètè gbé orin kó sì tẹ̀ síwájú. Àwọn ìdílé kan ti ń sọ ọ́ ṣáájú pé àwọn kò fẹ́ kí wọ́n gba owó kankan lọ́wọ́ àlejò. Mo fara mọ́ wọn, àmọ́ kí alága fi iye tó yẹ kún owó iṣẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó má gbà tán kó wá máa dọ́gbọ́n tọrọ lórí máíkì. Nígbà tí ìdílé fúnra wọn sábà máa ń dá owó orí padà fún ẹbí ọkọ, tí wọ́n ní ọmọ ni àwọn fún wọn, àwọn kò tà á, kò dára kí ó jẹ́ alága ló máa sọ ọ́ di ọjà.

Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, abẹ́ ẹni tó ti ń ṣe é ni kó lọ. Yóò kọ́kọ́ máa gbe orin, yóò máa tọ́jú abọ́, lẹ́yìn náà wọn á fi í ṣe alága ìdúró níbi tí ọ̀gá rẹ̀ ti jẹ́ ìjókòó, kí ó lè máa gba orin lẹ́nu rẹ̀. Kó má tètè fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ o. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan kì í so yìgì ní àkókò Lẹ́ńtì, ìdána tó ń ṣáájú rẹ̀ a sì dáwọ́ dúró. Àwẹ̀ Ràmàdánì náà máa ń dá ti mùsùlùmí dúró. Ní oṣù bẹ́ẹ̀, ìkómọ àti ọjọ́ ìbí àgbà ló kù, ibẹ̀ ni alága tó ní oníkíbọọ̀dù àti onígángan tirẹ̀ ti ń rí iṣẹ́, torí ẹni mẹ́ta yẹn ti tó láti ṣe ìkómọ nínú pálọ̀ láìgbé spíkà ńlá dání.