Bí A Ti Ń Fi Onígun Mẹ́rin Píásìn Ṣírò Oúnjẹ Adìẹ Tí Ó Ń Yé

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ọlọ́sìn adìẹ ní Ìjẹ̀bú-Imuṣin àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ẹ ń po oúnjẹ adìẹ yín fúnra yín, ọkùnrin kan láàrin yín mú ìwé ìṣirò rẹ̀ wá bá mi. Ó ti ya onígun mẹ́rin rẹ̀ dáadáa, ìyọkúrò rẹ̀ pé, ìpín rẹ̀ kò sì ní àbùkù. Síbẹ̀ ẹyin adìẹ rẹ̀ ń kéré sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí ó tó fa ìlà kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí a jùmọ̀ ṣe ìṣirò náà, kí ẹ lè rí ibi tí ó ti ṣìnà.

Bí omi ìwẹ̀ bá gbóná jù, omi tútù ni a fi ń là á títí yóò fi bá ara mu. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni onígun mẹ́rin Píásìn ń ṣe. Ó ń sọ iye ìpín tí a ó bù nínú ohun tí èròjà amúaradàgbà rẹ̀ kéré, àti iye tí a ó bù nínú ohun tí tirẹ̀ pọ̀, kí àpòpọ̀ wọn lè jẹ́ iye tí a ń fẹ́. Ohun méjì péré ni ó lè là pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a po kílò 100 fún adìẹ tí ó ń yé. Adìẹ 100 lè jẹ nǹkan bí kílò 12 lójúmọ́, nítorí náà yóò tó wọn fún ọjọ́ mẹ́jọ. A fẹ́ kí èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ jẹ́ kílò 16 nínú kílò 100 náà.

Ibi tí ọkùnrin náà ti ṣìnà nìyí. Àwọn ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ fi sí oúnjẹ tí kò mú èròjà amúaradàgbà tí ó tó kà wá: ìkarahun lílọ̀ kílò 8 fún èèpo ẹyin, egungun lílọ̀ kílò 2 àti ààbọ̀, iyọ̀ ìdá mẹ́rin kílò kan, àti àpòpọ̀ fítámì tí a ń rà lọ́jà, òun náà ìdá mẹ́rin kílò kan. Àròpọ̀ wọn jẹ́ kílò 11. Kílò 89 ni ó kù, àwọn kílò 89 yìí nìkan ni yóò sì ru gbogbo kílò 16 náà. Bí ẹ bá pín 16 sí ọ̀nà 89, tí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 100, ẹ ó rí 18. Nítorí náà 18 ni a ó kọ sí àárín onígun mẹ́rin wa, kì í ṣe 16. Ọkùnrin náà kọ 16 síbẹ̀. Oúnjẹ rẹ̀ kò ju 14 lọ nígbà tí ó po ìkarahun mọ́ ọn tán.

Nísinsìnyí, ohun mẹ́rin ni a fẹ́ lò, onígun mẹ́rin kò sì gbà ju méjì lọ. A ó kọ́kọ́ pín wọn sí ẹgbẹ́ méjì. Ẹgbẹ́ kìíní ni àgbàdo, tí ó ní 9 nínú 100, àti kéèkì èkùrọ́, èyí tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá ti fún àdín kúrò, tí ó ní 18. A mú ìpín 7 àgbàdo mọ́ ìpín 2 kéèkì èkùrọ́. Ìlọ́po 7 ti 9 jẹ́ 63, ìlọ́po 2 ti 18 jẹ́ 36; àròpọ̀ wọn jẹ́ 99, bí a bá sì pín in sí ọ̀nà 9, ó jẹ́ 11. Ẹgbẹ́ kejì ni kéèkì sóyà, tí ó ní 44, àti ẹja lílọ̀, tí ó ní 64. Ìpín 4 sóyà mọ́ ìpín 1 ẹja fún wa ní 48, nípa ọ̀nà kan náà.

Ẹ ya onígun mẹ́rin. Ẹ kọ 11 sí igun òkè lọ́wọ́ òsì, 48 sí igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì, àti 18 sí àárín. Ẹ fa ìlà láti igun kan gba àárín kọjá dé igun kejì tí ó kọjú sí i, kí ẹ sì yọ èyí tí ó kéré kúrò nínú èyí tí ó pọ̀:

```
11            30
      18
48             7
```

18 kúrò nínú 48 ku 30, a sì kọ ọ́ sí òkè lọ́wọ́ ọ̀tún, ní iwájú 11. 11 kúrò nínú 18 ku 7, a kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, ní iwájú 48. Ẹ kíyè sí i pé ní ọ̀gbọọgba ni a ń ka èsì rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ìdábùú ni a yọ ọ́: ìpín 30 ti ẹgbẹ́ àgbàdo, ìpín 7 ti ẹgbẹ́ sóyà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìpín 37.

Kílò 89 ni a ó pín. Ìlọ́po 30 ti 89, tí a pín sí ọ̀nà 37, jẹ́ kílò 72.16. Ìlọ́po 7 ti 89, tí a pín sí ọ̀nà 37, jẹ́ kílò 16.84. Bí a bá wá pín ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan padà, a ó rí àgbàdo kílò 56.1, kéèkì èkùrọ́ kílò 16, kéèkì sóyà kílò 13.5 àti ẹja kílò 3.4. Ẹ má ṣe gbàgbé láti dán an wò. Èròjà amúaradàgbà inú àgbàdo náà jẹ́ kílò 5.05, ti èkùrọ́ 2.88, ti sóyà 5.94, ti ẹja 2.18. Ó lé díẹ̀ ní 16. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Onígun mẹ́rin lè tan ènìyàn jẹ. Bí ẹnìkan bá fẹ́ rí 20 láti inú àgbàdo àti kéèkì èkùrọ́ nìkan, yóò rí 2 àti 11 lọ́wọ́ ọ̀tún, bí ẹni pé ìṣirò rẹ̀ gún. Ṣùgbọ́n kò sí bí 9 àti 18 ṣe lè para pọ̀ di 20. Iye àárín gbọ́dọ̀ wà láàrin àwọn méjèèjì tí ó wà lọ́wọ́ òsì. Bí kò bá sí láàrin wọn, ẹ wá ohun mìíràn tí ó lágbára jù.

Ìwọ̀n ni ìṣirò yìí ń sọ, kì í ṣe kóńgò. Kóńgò àgbàdo kan àti kóńgò kéèkì èkùrọ́ kan kò wúwo dọ́gba. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n lè yá ti ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ó wọn kóńgò ohun kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọ ọ́ sára ògiri ilé oúnjẹ.

Iye tí mo kọ fún ohun kọ̀ọ̀kan kì í dúró sójú kan. Ọ̀pọ̀ ẹja lílọ̀ tí a ń tà ni iyanrìn wà nínú rẹ̀: ẹ da ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ife omi, ẹ rò ó, kí ẹ sì wo ohun tí ó yára rì. Sóyà yíyan tí a kò fún òróró rẹ̀ kò tó 44. Nǹkan bí 37 ni, ìṣirò tuntun sì ni ó ń fẹ́. Ẹni tí ó bá fi kéèkì ẹ̀pà rọ́pò sóyà, kí ó gbóòórùn rẹ̀ kí ó tó rà á. Bí ó bá ti bu, kí ó fi sílẹ̀, nítorí oró tí ó wà nínú èbu náà kì í bá sísè tàbí yíyan lọ.

Nígbà tí ẹ bá ń pò ó, ẹ kọ́kọ́ po iyọ̀ àti àpòpọ̀ fítámì mọ́ àgbàdo lílọ̀ kílò bí 5, kí ẹ tó dà á sórí ìyókù lórí sìmẹ́ńtì tí ó gbẹ, kí ẹ sì fi ṣọ́bìrì yí i títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dọ́gba. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wọn ẹyin 30. Bí èèpo wọn bá rọ̀ tàbí tí ó fẹ́lẹ́, ìkarahun àti egungun ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí èèpo bá le ṣùgbọ́n tí ẹyin ń kéré, tí iye rẹ̀ sì ń dínkù, ẹ padà sí iye tí ẹ kọ sí àárín onígun mẹ́rin yín.