Kóńgò Kì Í Ṣe Pẹ́ńtì

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń fi àwòrán ojú fóònù tí wọ́n kọ iye owó ọjà sí ṣe ìròyìn fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ní Ejìnrìn. Òṣùwọ̀n ló máa ń da gbogbo ẹ̀ rú.

Ká ní Ẹ̀pẹ́ ń ta kóńgò gàrí kan ní ₦1,200, Ìkòròdú ń ta pẹ́ńtì kan ní ₦2,250. Ẹ gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n. Bí kóńgò bá jẹ́ kílò 1.5, ₦800 ni kílò kan. Bí pẹ́ńtì bá jẹ́ kílò 3, ₦750 ni. Ẹ kó gàrí lọ sí Ẹ̀pẹ́, àfi bí owó ọkọ̀ ibẹ̀ bá fi ju ₦50 lọ lórí kílò.

Ẹ wo ọjọ́ náà o: àwòrán tòní lè gbé owó ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Èyí tí kò bá ní ọjọ́, mi ò kì í lò ó.