Pípín Èrè Òwò Àfikún

Òwò àfikún ni èyí tí òṣìṣẹ́ ń ṣe mọ́ iṣẹ́ oṣù rẹ̀: nọ́ọ̀sì tó ń ta aṣọ òkìrìkà, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ tó ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé, olùkọ́ tó ń dín ṣìnṣín. Ọ̀nà mẹ́ta ni èrè irú òwò bẹ́ẹ̀ máa ń gbà lọ. Apá kan á padà sínú òwò, apá kan á di ìpamọ́, olówó á sì ná apá kan fún ara rẹ̀. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí iye tó yẹ kó kan apá kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ibẹ̀ rárá ni ọ̀pọ̀ òwò ti ń kú, nítorí pé ẹni tó ń pín èrè kò mọ̀ pé ojú owó wà nínú ohun tí òun ń pín.

A lè fi olùkọ́ kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ, tí ó ń dín ṣìnṣín ní òpin ọ̀sẹ̀, tí ó sì ń gbé e fún àwọn ìsọ̀ àdúgbò. Ká ní ọjà tó tà lóṣù kan jẹ́ ₦200,000, tí fúláwà, ṣúgà, bọ́tà, ẹyin, òróró àti gáàsì tó fi dín in sì jẹ́ ₦120,000. Lójú rẹ̀, ó ti jèrè ₦80,000. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà sọ́jà láti ra irú ẹrù kan náà, iye rẹ̀ ti di ₦135,000. Bí ó bá ti ná ₦80,000 yẹn, ₦120,000 tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè ra ohun tó rà lóṣù tó kọjá mọ́. Ó ti jẹ nínú ojú owó, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ná ju ohun tó pè ní èrè lọ.

Ohun tó ṣe ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré nìyí lọ́dún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì já wálẹ̀ níwájú dọ́là láàrin oṣù méjì. Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe fúláwà ní Nàìjíríà ti ń wá, nítorí náà bí dọ́là bá ti gbéra ni fúláwà náà ń gbéra. Iye tí wọ́n ń ta ẹrù lónìí ló yẹ kí oníṣòwò yọ sílẹ̀, kì í ṣe iye tí òun fi rà á.

Lẹ́yìn owó ẹrù, ìnáwó méjì mìíràn wà tí wọn kì í sábà kà. Àkọ́kọ́ ni owó ọkọ̀ àti ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà, ká pe ìyẹn ní ₦10,000. Èkejì ni gbígbó irinṣẹ́. Bí ẹ̀rọ tó fi ń po ìyẹ̀fun bá jẹ́ ₦180,000, tí ó sì lè lò ó fún ọdún mẹ́ta, ẹ̀rọ náà ń jẹ ₦5,000 lóṣooṣù, yálà ó rí i tàbí kò rí i. Bí ó bá ti yọ ₦135,000, ₦10,000 àti ₦5,000 kúrò nínú ₦200,000, ₦50,000 ló kù. Èyí ni èrè tòótọ́.

Àwìn tún wà níbẹ̀. Bí àwọn onísọ̀ bá ṣì jẹ ẹ́ ní ₦30,000, ₦170,000 péré ló wà lọ́wọ́, bí ó bá sì ti yọ ₦150,000 ti òwò sílẹ̀, ₦20,000 ni ó lè pín lóṣù náà. Ọjọ́ tí gbèsè bá wọlé ni yóò tó pín ìyókù.

Ká wá gbà pé gbogbo ₦50,000 ti pé. Owó oṣù ló ń bọ́ ilé olùkọ́ yìí, nítorí náà kò sí ìdí tí òwò náà fi ní láti san owó ilé tàbí owó iléèwé ọmọ. Àǹfààní ńlá ni èyí, ó sì yẹ kí ó lò ó dáadáa: ₦20,000 sínú òwò, ₦20,000 sí ìpamọ́, ₦10,000 fún ara rẹ̀. Ìpín yìí kì í ṣe òfin. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kì í tó jẹun kò lè fi ìdá márùn-ún kan ṣe ti ara rẹ̀, kò sì yẹ kí ó tan ara rẹ̀ pé òun lè ṣe é.

Ohun tó ń sọ bóyá kí apá ti òwò pọ̀ sí i ni ọjà tí kò kárí. Bí àwọn onísọ̀ bá ń béèrè ṣìnṣín tí kò sí nílẹ̀, owó tó bá fi kún un á mú èrè wá. Bí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá bá ṣì wà lórí pẹpẹ tí ó ti ń rọ̀, àfikún ẹrù á kàn dúró bà jẹ́ ni. Nígbà mìíràn ẹrù kọ́ ni ìṣòro, ọwọ́ ni kò tó: bí gígé ìyẹ̀fun bá ń gba gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó sàn kí ₦20,000 oṣooṣù yẹn máa jọ títí yóò fi tó ra ẹ̀rọ ìgé. Èsúsú dára fún irú èyí, nítorí pé owó gọbọi ni ẹni tó bá kàn ń kó lẹ́ẹ̀kan náà.

Èsúsú kò dára fún owó àìròtẹ́lẹ̀, torí àìsàn kì í dúró de ìgbà tí yóò kan ènìyàn. Owó alájọ rọrùn láti gbà ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n kì í bí èlé. Ẹni tó bá ń dá ₦1,000 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 31 á gba ₦30,000, alájọ á sì mú ti ọjọ́ kan. Bí alájọ bá sá lọ, owó ti lọ nìyẹn. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ níbi iṣẹ́ sábà máa ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlọ́po méjì ohun tó fi pamọ́, ṣùgbọ́n gbígba ìpamọ́ fúnra rẹ̀ padà lè pẹ́. Nítorí náà, kí ìpamọ́ àkọ́kọ́ wọ àkáǹtì báńkì tó yàtọ̀ sí ti òwò, títí yóò fi tó owó ẹrù oṣù kan, ìyẹn ₦135,000. Lẹ́yìn náà ni èyí tó kù lè máa lọ sí ẹgbẹ́.

Apá ti ara ẹni ló máa ń kọjá ààlà jù, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mú un. Ṣìnṣín tí àwọn ọmọ jẹ nílé, páálí méjì tí wọ́n gbé lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ₦2,000 tí wọ́n fi san owó ọkàdà láti inú owó ọjà, inú ₦10,000 yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ kúrò. Kí ó yan ọjọ́ kan lóṣù tí yóò mú ti ara rẹ̀, kí ó sì máa kọ ohun tó bá mú ṣáájú ọjọ́ náà sínú ìwé. Bí ọjà bá ń tà wàràwàrà tí ó sì ní láti yá owó fúláwà, kí ó kọ́kọ́ wo ibẹ̀.

Oṣù tí iléèwé bá wà ní ìsinmi, ọjà lè dín kù débi pé kò ní sí nǹkan kan lẹ́yìn ₦150,000. Lóṣù bẹ́ẹ̀, kò sí pípín. Kí owó oṣù gbé ilé, kí wọ́n fi ojú owó sílẹ̀ bó ṣe wà.