Ohun tí orúnkún ń gbé nígbà tí a bá dìde lórí àpótí

Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹni tó ń yan gàrí kì í sábà jókòó sórí àga gíga. Àpótí kúkúrú ló máa ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó inú agbada dáadáa. Ìjókòó yẹn fúnra rẹ̀ kò ni orúnkún lára tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó bá fẹ́ dìde lọ bu ẹ̀gẹ́ jíjọ̀ mìíràn wá ni wàhálà dé: á fi ọwọ́ méjèèjì ti itan, á ní "yéè", á dúró díẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ á ní ọjọ́ orí ni. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrora yẹn ní ìṣirò nínú, ìṣirò náà kò sì le.

Egungun itan ló sọ̀kalẹ̀ wá jókòó sórí egungun ojúgun. Kerekere ló bo ojú ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé: ó funfun, ó ń dán, ó nípọn tó mílímítà 2 sí 4. Tìmùtìmù rírọ̀ méjì wà láàárín wọn, ọ̀kan lápá inú, ọ̀kan lápá òde. Níwájú ni egungun kékeré roboto tí a lè fọwọ́ kàn wà. Ọmọ orúnkún ni mo máa pè é níhìn-ín. Ẹran iwájú itan so mọ́ ọn lókè, okùn iṣan kan sì so ó mọ́ ojúgun nísàlẹ̀. Okùn yìí ló ń na ẹsẹ̀ tí a bá fẹ́ dìde.

Ká ní ẹni tó ń yan gàrí wa wọn 70 kìló. Tí a bá yọ ojúgun àti àtẹ́lẹsẹ̀ kúrò, ohun tó wà lókè orúnkún rẹ̀ tó nǹkan bí 60 kìló, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á sì gbé 30. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdí rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí àpótí, 30 kìló yẹn kò dúró sórí orúnkún gan-an. Ẹ̀yìn orúnkún ló wà, ó sì lè fi sẹ̀ǹtímítà 20 jìnnà sí i. Okùn iṣan tó máa gbé e dúró, iwájú ló wà ní tirẹ̀, kò sì jìnnà ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 4 lọ sí ibi tí orúnkún ti ń yí. Ẹrù jìnnà ní ìlọ́po márùn-ún ju okùn lọ, nítorí náà okùn gbọ́dọ̀ fà ní ìlọ́po márùn-ún ẹrù náà. Ìyẹn 150 kìló lórí orúnkún kan ṣoṣo, fún ẹni tí gbogbo ara rẹ̀ kò ju 70 lọ.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe láìsí ẹni tó kọ́ wọn: wọ́n á fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n á tẹ orí àti àyà síwájú, kí wọ́n tó ti ara wọn sókè. Ìtẹ̀síwájú yẹn ń gbé ìwọ̀n ara súnmọ́ orúnkún. Bí sẹ̀ǹtímítà 20 bá di 12, ìfà okùn á já sí 90 kìló. Ọgọ́ta kìló ti lọ láìlo oògùn kankan. Àpótí tó bá ga sí i ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, nítorí itan kì í nà gbọọrọ sẹ́yìn bíi ti orí àpótí kúkúrú.

Ọ̀rọ̀ ọmọ orúnkún ló wá kàn. Iṣẹ́ rẹ̀ rí bí ìgbà tí a bá fi igi kékeré sábẹ́ okùn kí okùn má baà lẹ̀ mọ́ ara ohun tí à ń fà: ó ń gbé okùn iṣan kúrò lára egungun, ìfà náà sì ń lágbára sí i. Bí kò bá sí i, ẹran itan ì bá máa ṣe làálàá ju báyìí lọ. Ṣùgbọ́n ó ń san owó iṣẹ́ náà. Tí ẹsẹ̀ bá nà tààrà, ìfà òkè àti ti ìsàlẹ̀ wà lórí ìlà kan, kò sí ohun tó ń ti ọmọ orúnkún sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀. Bí orúnkún bá ṣe ń ká ni ìfà méjèèjì ń pàdé ní igun, tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun itan. Tí igun náà bá tó dígírì 90, tí ìfà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 150 kìló, ohun tó ń tẹ ọmọ orúnkún á tó 210 kìló. Ìfojúbù ni, nítorí nínú orúnkún gidi ìfà òkè àti ti ìsàlẹ̀ kì í dọ́gba pátápátá. Síbẹ̀, ẹ fi wé ìrìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, níbi tí ọmọ orúnkún kì í gbà ju nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n ara lọ.

Ẹlẹ́dàá kò fi í sílẹ̀ láìṣe nǹkan kan sí i. Kerekere tó wà lẹ́yìn ọmọ orúnkún wà lára èyí tó nípọn jù lọ nínú gbogbo ara. Ibi tó ti ń kan egungun itan náà ń ṣí kiri: ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kàn nígbà tí orúnkún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, lẹ́yìn náà ìfarakàn náà á gòkè, á sì fẹ̀ sí i. Tí a bá wá ká ẹsẹ̀ kọjá dígírì 120, okùn ẹran itan fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fara ti egungun, á bá a pín ẹrù. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ìkúnlẹ̀ kí àgbà ló ń ba orúnkún jẹ́. Ìkúnlẹ̀ kí kì í pẹ́. Èyí tó yẹ ká ṣọ́ ni ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn arúgbó ní Beijing, tó jáde ní 2004, rí i pé àwọn tó máa ń lóṣòó fún wákàtí púpọ̀ lójúmọ́ nígbà tí wọ́n wà ní bí ọmọ ọdún 25 ni aromọléegun orúnkún pọ̀ sí lára.

Ní ti ìrìn, ẹrù kò kéré. Ní Berlin, àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rọ tó ń wọn ẹrù sínú orúnkún àtọwọ́dá tí wọ́n ṣe fún aláìsàn márùn-ún. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010 fi hàn pé nígbà ìrìn, ohun tó ń tẹ orúnkún a máa tó ìlọ́po 2.6 ìwọ̀n ara; tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó tó ìlọ́po 3.5. Ẹrù yìí kò pín dọ́gba. Nígbà tí ẹsẹ̀ kan bá wà lókè, ara wúwo sí ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀, torí àárín ni ara wa wà, kì í ṣe lórí ẹsẹ̀ yẹn. Apá inú orúnkún a máa gba nǹkan bí 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, bí ẹsẹ̀ bá tilẹ̀ gún régé.

Bí ẹsẹ̀ bá wá tẹ̀ síta bí ọrun ńkọ́? Ẹ fa ìlà láti orí ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀. Lára ẹsẹ̀ tó gún, ìlà náà á gba àárín orúnkún tàbí ìtòsí rẹ̀ kọjá. Fún dígírì kọ̀ọ̀kan tí ẹsẹ̀ fi tẹ̀, ìlà yìí á fi mílímítà 3 sí 4 sún sínú. Ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ní dígírì 5, tí ojú lè máà tètè rí, ti gbé ẹrù sún tó sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ sí méjì, ìyẹn sórí àárín apá inú gan-an. Kéléègì ń ṣe òdì kejì, apá òde ló ń rù ú. Ó tún ń fa ọmọ orúnkún síta nínú kòtò rẹ̀, kerekere etí òde rẹ̀ á sì máa jìyà.

Kerekere kò ní ẹ̀jẹ̀, kò ní iṣan ìmọ̀lára. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìtẹ̀ àti ìtúsílẹ̀ tí ìrìn ń fún un ló fi ń mu oúnjẹ bíi ti fùkẹ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ tí a dè sójú kan pẹ́ títí ń jẹ́ kí ó tinrín. Ṣùgbọ́n tí ẹrù bá ń ba ibì kan ṣoṣo lójoojúmọ́, okùn tín-ín-rín tó so ó pọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já, omi á wọlé ju bó ti yẹ lọ, á rọ̀, á sì máa bó. Ẹni náà lè má mọ nǹkan kan. Egungun tó wà nísàlẹ̀ àti awọ tó yí oríkèé ká ló ń ké, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti débẹ̀. Bí apá inú bá sì ti jẹ, àlàfo rẹ̀ á dín, ẹsẹ̀ á tẹ̀ sí i, ẹrù á tún pọ̀ sí i níbẹ̀. Ìwádìí kan láti Chicago ní 2001 tẹ̀ lé àwọn tó ti ní aromọléegun orúnkún fún oṣù 18: lára àwọn tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ síta, ó ṣeé ṣe kí apá inú bàjẹ́ sí i ní ìlọ́po mẹ́rin ju ti àwọn yòókù lọ, ti kéléègì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún lápá òde.

A lè fi ibi tí ó ń dùn mọ ibi tó bàjẹ́, bí kì í bá tilẹ̀ ṣe nígbà gbogbo. Èyí tó ń dùn níwájú nígbà tí a bá ń dìde lórí àpótí, tí a bá ń sọ àtẹ̀gùn, tàbí tí a bá ká ẹsẹ̀ pẹ́ nínú dánfó láti Àgọ́-Ìwòyè lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ orúnkún ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Èyí tó ń dùn lápá inú bí a bá ti rìn díẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ wo bí ẹsẹ̀ ṣe tẹ̀. Ẹ̀ẹ́síréè tí wọ́n bá yà nígbà tí aláìsàn dùbúlẹ̀ lè tan dókítà jẹ, nítorí kò sí ẹrù lórí orúnkún, àlàfo tó ti dín á ṣì máa ṣí sílẹ̀. Ní ìdúró ni kí wọ́n yà á. Yunifásítì Ọlábísí Onabánjọ wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ṣùgbọ́n Ṣàgámù ni ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni ará agbègbè yìí sì lè béèrè fún ẹ̀ẹ́síréè bẹ́ẹ̀.

Ti ọmọdé yàtọ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ tó tẹ̀ síta kó tó pé ọdún méjì kì í sábà jẹ́ àrùn. Á di kéléègì díẹ̀ ní bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, á sì tò bíi ti àgbà ní bí ọdún méje. Èyí tó yẹ kó já wa láyà ni èyí tó ń tẹ̀ sí i lẹ́yìn ọdún méjì, tàbí tó jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Egungun rírọ̀ lè fa irú èyí. Ní 1999, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lára ọmọ Nàìjíríà 123 tí egungun wọn rọ̀ fi hàn pé kálísíọ̀mù tí kò tó nínú oúnjẹ ló wà nídìí rẹ̀, kì í ṣe àìrí oòrùn. Ìwádìí mìíràn lẹ́yìn náà fi hàn pé ẹja lílọ̀ tòun teegun rẹ̀ ń wò ó. Ẹja kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n ní Ìwòpin, létí ọ̀sà. Ẹ̀kọ àti gàrí nìkan kò ní kálísíọ̀mù tó.

Fún àgbà, kìló kan tí a bá sọ̀ kúrò lára ń mú nǹkan bíi kìló mẹ́rin kúrò lórí orúnkún ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá tí a bá fọwọ́ òdì kejì mú ń dín ti apá inú kù. Ìdárayá tó ń fún ẹran itan lágbára ń ran ọmọ orúnkún lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè tọ́ ìlà ẹsẹ̀ tó ti wọ́. Èyí tó lè tọ́ ọ ni iṣẹ́ abẹ tí àwọn oníṣẹ́ egungun ń ṣe: wọ́n á gé ojúgun nísàlẹ̀ orúnkún díẹ̀, wọ́n á ṣí i ní igun tí wọ́n ti ṣírò, wọ́n á fi irin dè é kó lè jinná bẹ́ẹ̀. Ìlà á wá kúrò lórí apá tó ti jẹ bọ́ sórí èyí tó ṣì dára. Tí apá kejì náà bá ti jẹ, kò sí ibi tí wọ́n fẹ́ gbé ẹrù náà sí mọ́, orúnkún àtọwọ́dá ló kù.