Ojú Tuntun Lórí Síliìpù NIN: Báwo La Ṣe Lè Dá A Mọ̀?

Láìpẹ́ yìí, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ra ọ̀kadà àlòkù lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Ore. Ọkùnrin náà ní kó kọ́kọ́ san ₦40,000 kí òun tó gbé e wá sí Araromi-Obu. Kí ọkàn ẹ̀gbọ́n mi lè balẹ̀, ó fi síliìpù NIN tó ti síkáànì ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Mo gba fóònù, mo fi ìka méjì fẹ àwòrán náà.

Ẹ rántí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ máa ń síkáànì gbogbo ìwé. Tí ìwé bá dagun, fọ́tò àti ọ̀rọ̀ á jọ dagun ni. Tó bá ṣú, gbogbo ẹ̀ á ṣú. Ṣùgbọ́n lórí èyí, gbogbo ìlà ọ̀rọ̀ dagun díẹ̀, fọ́tò nìkan ló dúró ṣánṣán. Lẹ́tà rí bàìbàì, ojú ọkùnrin náà sì mọ́ kedere. Etí fọ́tò mú bí ẹni pé wọ́n fi abẹ gé e.

Ẹni tó bá pààrọ̀ fọ́tò lè pààrọ̀ ọjọ́ ìbí náà, kí ọjọ́ orí lè bá ojú tuntun mu. Ìdí nìyẹn tí mo fi wo 08 MAY 1998. Mo fi 8 ti ọjọ́ wé 8 ti ọdún. Ti ọdún nípọn jù, ó sì ga ju àwọn tó kù lọ díẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà kì í tẹ 8 méjì báyẹn lórí ìlà kan.

Àmọ́ ẹ má ṣe yára pe èèyàn lólè o! Wọ́sáàpù máa ń fún àwòrán pọ̀, síliìpù tòótọ́ náà lè rí bàìbàì. Ẹ ní kí ẹni náà fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document, kò ní fún un pọ̀. Bákan náà, tí ọ̀bàyéjẹ́ bá tẹ ayédèrú sórí bébà, tó tún un síkáànì, gbogbo ẹ̀ lè wá dọ́gba, ojú wa lè má rí nǹkan kan. NIN fúnra ẹ̀ ò lè tú àṣírí: nọ́ńbà 11 tí wọ́n kàn ṣà ni, ọjọ́ ìbí ò sí nínú ẹ̀.

Tí ẹni náà bá wà níwájú yín, ẹ ní kó tẹ *346# lórí láìnì tó fi forúkọ sílẹ̀. NIN tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá ti síliìpù mu. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà ò fi ojú hàn. Àkọsílẹ̀ NIMC ló mọ ojú tó ni nọ́ńbà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ọkùnrin náà tún un fi ránṣẹ́ bíi Document. Látìgbà náà, fóònù ẹ̀ ò lọ mọ́. ₦40,000 ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi.